Ìlà kan ṣoṣo ni tébù òótọ́ mi ò fi bára mu, olùkọ́ sì fún mi ní òdo

Ọmọ Pólì: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá ti sú mi. Iṣẹ́ àṣetiléwá olójú máàkì mẹ́wàá ni olùkọ́ wa fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, òdo ló fún mi. Báírò pupa ló fi pa gbogbo ojú ìwé mi rẹ́, ó ní kí n lọ ṣe tébù òótọ́ kí n tó tún gbé nǹkan kan wá síwájú òun. Níwájú gbogbo kíláàsì ni o. Ẹni tó jókòó tì mí, tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ géètì fún un, mẹ́jọ ló gbà.

Gbólóhùn tí a ní ká dín kù nìyí: F = AB + A'C + BC. Mo dín in kù sí G = AB + A'C. Ó wà nínú nóòtì wa pé a lè yọ BC kúrò nínú irú èyí. Ní alẹ́ àná, kò sí iná, àtùpà alágbára oòrùn ni mo fi ṣe tébù náà títí aago méjì fi lù. Nínú ìlà mẹ́jọ tí A, B àti C lè gbà jẹ́ 0 tàbí 1, F àti G bára mu ní méje, ìlà kan péré ni wọn ò ti bára mu. Ṣé méje nínú mẹ́jọ kò tó ni? Àbí tébù yìí gan-an ló ní àléébù? Ẹ gbà mí o, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa padà lọ bá a.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọkùnrin mi náà rí irú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọdún kejì. Ohun tí mo sọ fún un ni mo máa sọ fún ìwọ náà: lọ kúnlẹ̀ fún olùkọ́ yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Méje nínú mẹ́jọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún èèyàn ní òdo sí.

Àbúrò Kọ̀ǹpútà: Má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sínú Páítọ̀nì ní ìṣẹ́jú méjì:

```python
for A in (0, 1):
    for B in (0, 1):
        for C in (0, 1):
            F = A & B | (1 - A) & C | B & C
            G = A & B | (1 - A) & C
            if F != G: print(A, B, C, F, G)
```

Ibi tí wọn ò bá ti bára mu nìkan ló máa tẹ̀ jáde. Kò tẹ ohunkóhun jáde. Ìlà mẹ́jọ bára mu pátá. Ìwọ lo gba á, olùkọ́ rẹ ló ṣì í. Tẹ èsì yìí sórí ìwé, kí o gbé e lọ bá a.

Ọmọ Pólì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n! Mo mọ̀ pé mi ò ṣì í.

Bàbá Wáyà: Ẹ rọra o. Ìyá Ìbejì, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méje nínú mẹ́jọ yẹn. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, mo fa wáyà iná àtẹ̀gùn fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, súwíìṣì kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Mo so méjèèjì mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo dán an wò: nígbà tí méjèèjì wà ní pípa, iná kú. Mo tan ti ìsàlẹ̀, iná tàn. Mo pa á, mo gòkè lọ tan ti òkè, iná tàn. Mo gba owó mi, mo lọ ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ìyá onílé tan iná nísàlẹ̀, ó gun òkè, ó tẹ súwíìṣì òkè kó lè pa á. Iná ò kú. Bó ti wù kó tẹ ẹ́ tó, iná ò kú. Ibi tí méjèèjì ti wà ní títàn ni mi ò dán wò, ibẹ̀ ló sì yẹ kí iná ti kú. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo gbà. Mo tú ògiri ọ̀hún palẹ̀ lọ́wọ́ ara mi, mo ra súwíìṣì olójú mẹ́ta méjì. Láti ọjọ́ náà, orí pépà sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń kọ gbogbo ìlà sí kí n tó gbá ìṣó kan. Bí ìlà kan bá yàtọ̀, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Òótọ́ ni Bàbá Wáyà sọ. Ọmọ Pólì, o sọ fún wa pé ìlà kan ò bára mu, o ò sọ ìlà wo. Àbúrò Kọ̀ǹpútà ní gbogbo ẹ̀ ló bára mu. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò lè jẹ́ òótọ́ lórí gbólóhùn kan náà. Kọ gbogbo tébù rẹ síbí, má yọ ìlà kankan.

Ọmọ Pólì: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n ti fi kọ̀ǹpútà wò ó, ó sì ní mo gbà á. Bóyá oorun ló ń kùn mí nígbà tí mo ń ṣe ìlà yẹn.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Kọ ọ́ síbí, ọmọ mi.

Ọmọ Pólì: Ó dáa sà. Òun nìyí:

```
A B C | F G
0 0 0 | 0 0
0 0 1 | 0 0
0 1 0 | 0 0
0 1 1 | 1 0
1 0 0 | 0 0
1 0 1 | 1 1
1 1 0 | 1 1
1 1 1 | 1 1
```

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú o, ìlà kẹrin nìkan ni mo rí. Kí ó tún un ṣe, kó parí.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Ìlà kẹrin kọ́ ló dà mí láàmú. Ẹ wo ìlà kejì, níbi tí A jẹ́ 0, B jẹ́ 0, C jẹ́ 1. Ọmọ Pólì, bí A bá jẹ́ 0, kí ni A'? 1 ni. C náà 1. Nítorí náà A'C jẹ́ 1, ó sì yẹ kí F àti G jẹ́ 1. Òdo lo kọ sí méjèèjì. Tún wo ìlà kẹfà, 1 0 1. AB jẹ́ 0 nítorí pé B jẹ́ 0. A'C jẹ́ 0 nítorí pé A' jẹ́ 0. BC jẹ́ 0. Kò sí ibi tí 1 ti lè wá, àmọ́ 1 lo kọ sí méjèèjì.

Ẹ rí i pé àwọn ìlà méjì yìí "bára mu" nínú tébù rẹ. Àṣìṣe kan náà lo ṣe sínú òpó méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra. Bí òpó méjì bá jọra, ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé ohun méjì tí o ṣírò jọra. Kò fi hàn pé ohun tó wà nínú ìbéèrè lo ṣírò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ya òpó tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé F: òpó kan fún A', ọ̀kan fún AB, ọ̀kan fún A'C, ọ̀kan fún BC. Òpó A' ò sí nínú tìrẹ rárá.

Tébù tí o kọ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ó ń di 1 níbikíbi tí méjì tàbí mẹ́ta nínú lẹ́tà mẹ́ta bá jẹ́ 1. AB + AC + BC nìyẹn, kò sí báà kankan lórí A, àmì tó ń sọ A di A'. Níbo lo ti rí báà orí A yẹn?

Ọmọ Pólì: Ẹ dúró sà, kí n lọ mú ìwé ìbéèrè.

Ọmọ Pólì: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ìbéèrè wí ni pé adájọ́ mẹ́ta jókòó níbi ìdíje, oníkálùkù ní súwíìṣì tirẹ̀, iná gbọ́dọ̀ tàn bí ó kéré tán adájọ́ méjì bá fara mọ́ olùdíje. Ká kọ gbólóhùn rẹ̀, ká dín in kù bó bá ṣeé dín, ká fi tébù òótọ́ jẹ́rìí. Èmi kọ AB + AC + BC. Mo wá rí i pé ó jọ ti inú nóòtì, tí wọ́n ti ń yọ BC kúrò. Báà wà lórí A nínú nóòtì. Mo rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni, mo bá fi báà sí i nígbà tí mo ń kọ ọ́ síbí. Nínú tébù, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni mo ṣírò.

Àbúrò Kọ̀ǹpútà: Háà. Nígbà náà, ohun tí mo dán wò kì í ṣe ìbéèrè rẹ. Mo fi A rọ́pò (1 - A) báyìí, èyí ló tẹ̀ jáde:

```
0 1 1 1 0
```

Ìlà kan yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, má tẹ ti àkọ́kọ́ jáde o.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Nítorí náà tébù rẹ ò ní àléébù, o ò sì sùn nígbà tí o ń ṣe é. Ìdínkù rẹ ló ní àléébù. Bí báà bá wà lórí A, BC lè lọ lóòótọ́: bí B àti C bá jẹ́ 1, yálà A jẹ́ 1 tí AB á fi gbé e, tàbí A jẹ́ 0 tí A'C á fi gbé e. Kò sí ọ̀nà tí A lè gbà bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí o bá yọ báà náà, tí A jẹ́ 0, AB kú, AC kú, BC nìkan ló kù tó lè tan iná. Ìlà 0 1 1 nìyẹn. Adájọ́ kejì àti ìkẹta tẹ súwíìṣì, ẹ̀rọ rẹ ò dá wọn lóhùn.

Bàbá Wáyà: Ọ̀rọ̀ ìyá onílé mi ló tún padà wá yẹn.

Ọmọ Pólì: Ó ti yé mi sà. Ṣé kò wá ṣeé dín kù rárá ni? Ẹni tó jókòó tì mí kọ AB + C(A + B), ó sì gba mẹ́jọ.

Àbúrò Kọ̀ǹpútà: Ìyẹn tọ̀nà, mo ti ṣe é wò, kò sí ìlà tó yàtọ̀. Géètì áńdì mẹ́ta àti ọ́ọ̀ méjì ni tàkọ́kọ́, márùn-ún. Tirẹ̀ jẹ́ áńdì méjì, ọ́ọ̀ méjì. Ó dín ọ̀kan kù.

Bàbá Wáyà: Ọ̀kan tí kò ní dín owó kù! Bí ẹ bá dé ọjà, áísì 7408 kan ní géètì áńdì mẹ́rin nínú, áísì 7432 kan ní ọ́ọ̀ mẹ́rin nínú. Yálà ẹ lo tàkọ́kọ́ tàbí tìkejì, áísì méjì kan náà lẹ máa rà.

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Bí olùkọ́ bá fẹ́ kó wà gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ àwọn ẹ̀ka láìsí àkámọ́, AB + AC + BC ti kéré tó, kò sí ẹ̀ka tí ẹ lè yọ. Bó bá jẹ́ pé géètì ló ń kà, ti àkámọ́ ló kéré jù. Mi ò mọ èyí tí tìrẹ fẹ́. Bí ẹnìkejì rẹ ṣe gba mẹ́jọ, tí kò gba mẹ́wàá, mú mi rò ó.

Àbúrò Kọ̀ǹpútà: Èmi gbà pé géètì ni wọ́n ń kà, sà. Kí ni ìdínkù fún bí kò bá dín géètì?

Olùkọ́ Àfẹ̀yìntì: Nínú ti àkámọ́, A àti B ń la géètì mẹ́ta kọjá kó tó dé iná: ọ́ọ̀, áńdì, ọ́ọ̀. Bí ẹ bá lo ọ́ọ̀ olójú mẹ́ta fún tàkọ́kọ́, méjì péré ni wọ́n ń là kọjá. Ẹlòmíràn ìyẹn ló ń kà.

Ọmọ Pólì: Mo ti ṣe tébù tuntun, òpó mẹ́sàn-án: A, B, C, AB, AC, BC, F, lẹ́yìn náà A + B, àti G tí í ṣe AB + C(A + B). Ní ìlà 0 1 1, A + B jẹ́ 1, C jẹ́ 1, G jẹ́ 1, F náà 1. Gbogbo mẹ́jọ bára mu. Mo máa kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa béèrè èyí tí wọ́n fẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà, mo ṣì máa kúnlẹ̀ kí wọn.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, ọmọ mi. Padà wá sọ ohun tó wí fún wa.