Ọmọ Èkìtì, ẹ gbà mí o: EXCEPT yìí fẹ́ pa mí

Àbúrò Ìkọ̀lé, Dálásì: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ọjọ́bọ̀ ni NCLEX mi, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, ara mi ò sì balẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yé mi, ìbéèrè wọn ni kò yé mi. Màá rí ìdáhùn tó dáa, màá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní mo kùnà. Ìgbà tí mo bá tún un kà ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n kọ EXCEPT síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀kan tí mo ṣì lánàá. Aláìsàn kan tó ń lo wáfárín, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Wọ́n ní èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fi hàn pé ó "needs further teaching".

A. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni màá ṣe máa jẹ ẹ́.
B. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni màá fi máa fọ eyín.
C. Bí orí bá ń fọ́ mi, màá lo ásípírìn.
D. Mi ò ní pa ọjọ́ àyẹ̀wò INR mi jẹ, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì hàn.

Mo mú B. Kí ló ń ṣe mí gan-an?

Àǹtí Ìjerò, Hústọ̀n: Àbúrò, fara balẹ̀. Ṣé o rí EXCEPT kankan nínú ìyẹn? Kò sí. Kò sí NOT náà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn. EXCEPT máa ń pariwo ara rẹ̀, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Èyí kò pariwo. Aláìsàn tí a ṣì gbọ́dọ̀ tún kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ ti ní láti kù síbì kan. Ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lọ ń wá ọ̀rọ̀ tó dáa, o sì rí mẹ́ta, o wá mú èyí tó wù ọ́ jù.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tí mò ń kọ́ ṣe rèé. Kí o tó wo A, fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí ìbéèrè ń wá: "irọ́ ni mò ń wá." Wọ́n á fún ẹ ní pátákó kékeré tó ṣeé nù nínú yàrá ìdánwò. Kọ A dé D síbẹ̀. Gbàgbé ìbéèrè náà ná, kí o bi ara rẹ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ṣé òótọ́ ni àbí irọ́. Tìrẹ yìí, A òótọ́, B òótọ́, C irọ́, D òótọ́. Èyí tó dá yàtọ̀ ni ìdáhùn. Bí o bá rí irọ́ méjì, má tíì tẹ nǹkan kan. Yálà o ṣi ìbéèrè kà, tàbí ìmọ̀ rẹ kù díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Bọ̀dá Ìkéré, Mansẹ́sítà: Àǹtí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, irọ́ ni A náà. Wáfárín ni màmá mi ń lò, láti ìgbà náà a ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀fọ́. Fítámì K ló wà nínú ẹ̀fọ́, òun ló ń ba wáfárín jà.

Àǹtí Ìjerò, Hústọ̀n: Òótọ́ ni pé fítámì K ń bá a jà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí màmá ń jẹ ni dókítà fi ń wọn oògùn. Bí ẹ bá gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn lójijì, INR á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á sì lè máa dà. Bí wọ́n bá dé ibi ìnáwó tí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ àjẹkún, INR á wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á lè dì. Kí ẹ̀fọ́ má pọ̀ jù lónìí, kó má wọ́n lọ́la, ohun tí a ń wá nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dé ìdajì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ A sílẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ pe ilé ìwòsàn tó ń ṣàyẹ̀wò INR wọn kí ẹ tó yí nǹkan kan padà, ẹ má kàn lọ da ẹ̀fọ́ sínú abọ́ wọn lálẹ́ yìí.

Bọ̀dá Ìkéré, Mansẹ́sítà: Ọdún wo la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Màá ṣáà pè wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn, Lọ́ńdọ̀n: Ṣé ìdánwò mọ́tò ni ẹ ń sọ? 42 ni mo gbà, 43 nínú 50 ni wọ́n ń fẹ́! Wọ́n kọ MUST NOT, MUST ni mo rí. Ó sì yẹ kí n padà lọ wò ó, àyè wà, mo kàn fẹ́ tètè jáde nítorí àwọn ọmọ.

Àǹtí Ìjerò, Hústọ̀n: Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì ni wọ́n o. Ṣùgbọ́n ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò, tìrẹ kò ní jẹ́ kí o padà sẹ́yìn. Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Nítorí náà tún ìlà tó gbẹ̀yìn ìbéèrè kà kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ẹfọ̀n, Tòróńtò: Èyí tó ní "Select all that apply" ló gbé èmi ṣubú. Dọ́là 200 ni mo tún san, mo sì jókòó de ọjọ́ 45 kí wọ́n tó gbà mí padà. Àbúrò, má mú ju mẹ́ta lọ láéláé. Bí o bá sì ṣi ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Àǹtí Ìjerò, Hústọ̀n: Ti àtijọ́ nìyẹn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, èyí tó tọ́ ń fún ẹ ní máàkì kan, èyí tí kò tọ́ ń yọ kan, kò sì ní lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ká ní márùn-ún ni wọ́n tò, mẹ́ta ló tọ́. Bí o bá mú gbogbo wọn, mẹ́ta yọ méjì, ó ku kan. Bí o bá mú méjì péré tó dá ẹ lójú, méjì lo ní. Kò sí òfin pé mẹ́ta ni. Ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ gbogbo wọn. Òótọ́ àbí irọ́ náà ni kí o máa bi ara rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ẹfọ̀n, báwo lo ṣe mọ̀ pé ìyẹn ló gbé ẹ ṣubú? Wọn kì í sọ èyí tí èèyàn ṣì.

Ọmọ Ẹfọ̀n, Tòróńtò: Àǹtí, ọkàn mi ló sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn, Lọ́ńdọ̀n: Ẹ̀fọ́ tí ẹ dárúkọ yẹn ti dá ebi sí mi lára. Tẹ̀tẹ̀ tútù wà ní Pẹ́kámù níbí o, kì í ṣe èyí tó ti di yìnyín bíi ti Hústọ̀n.

Àǹtí Ìjerò, Hústọ̀n: Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń já tèmi. Ṣé ẹ̀yin ní oòrùn ni?

Àbúrò Ìkọ̀lé, Dálásì: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ó ku ọ̀kan. Tí NOT bá wà nínú ìbéèrè, tí NOT tún wà nínú ìdáhùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ òótọ́ àti irọ́ síwájú ìyẹn?

Bọ̀dá Ìkéré, Mansẹ́sítà: Ẹ gbé ẹ̀fọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló ń gún uyán gidi níbẹ̀? Èmi gbé odó wá láti Ìkéré. Àwọn ará Adó ló ń ro èlùbọ́ inú páálí, tí wọ́n ń pè é ní iyán.

Ọmọ Ẹfọ̀n, Tòróńtò: Odó nínú fúláàtì? Kí làwọn tó wà nísàlẹ̀ ń sọ?

Bọ̀dá Ìkéré, Mansẹ́sítà: Wọ́n ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi abọ́ kan ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò kọ̀wé mọ́.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn, Lọ́ńdọ̀n: Ká wà ní ulé báyìí, iṣu tuntun ti dé ọjà. Bọ̀dá, rélùwéè wo ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé?

Bọ̀dá Ìkéré, Mansẹ́sítà: Ẹ gbé ẹ̀fọ́ Pẹ́kámù yẹn dání ná.