Báwo ni kí n ṣe pe òṣìṣẹ́ mi sí àyẹ̀wò iṣẹ́ láìjẹ́ kí àyà rẹ̀ já?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn mẹ́rin tó wà lábẹ́ mi wò. Nígbà tó kọjá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn pé, "Mo fẹ́ rí yín ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun kò sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́, torí ó rò pé a fẹ́ dá òun dúró. Bẹ́ẹ̀ ìyìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ!

Ohun tí mo kọ lọ́tẹ̀ yìí rèé, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sì fẹ́ fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àyẹ̀wò iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà wa ti tó, gbogbo wa la máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé Ọjọ́rú aago mẹ́wàá rọ̀ yín lọ́rùn, àbí Ọjọ́bọ̀ aago méjì? Kò ní ju ìṣẹ́jú 45 lọ. A máa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti parí, ibi tó ti le, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ sí i."

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnì kan nínú wọn ti pẹ́ kó tó fi ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò lè kọ "kò sí wàhálà" sí i, irọ́ ni. Ṣé kí n kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ lójúkojú kí ìwé ìpè tó dé, àbí kí n fi gbólóhùn kan kún tirẹ̀? Báwo lẹ ṣe máa kọ gbólóhùn náà?