Ilé tí oníṣòwò ń sùn nídìí ọkọ̀: orúkọ wo ló yẹ ẹ́?

Onílé: Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń kọ́ ilé kan sẹ́bàá ìdíkọ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Wọn kì í sùn ju alẹ́ kan tàbí méjì lọ. N kò fẹ́ kọ "hòtẹ́ẹ̀lì" sára pátákó. Orúkọ Yorùbá wo ló bá a mu?

Akọ́mọlédè: Ilé èrò ni. Ó wà nínú Bíbélì, ìwé Lúùkù, níbi tí wọ́n ti ní kò sí àyè fún Jósẹ́fù àti Màríà nínú ilé èrò. Ẹni tó wọkọ̀ náà, èrò là ń pè é.

Akunpátákó: Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ pátákó ni kì í ní àmì. Bí wọ́n bá kọ ILE ERO, ilé ẹ̀rọ ni ẹni tó ń kọjá yóò kà. Ẹ pè é ní Ilé Ìgbàlejò.

Ọ̀dọ́: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibùdókọ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pe ìdíkọ̀ ni?

Ìyá Alájàpá: Ọmọ mi, orúkọ ilé là ń wá. Akunpátákó, àlejò kì í sanwó ibi tó sùn. Ilé ìtura náà kọ́, torí ọtí àti ijó ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọkọ mi bá gbọ́ pé ibẹ̀ ni mo sùn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ibi tí màá sọ ẹrù kalẹ̀ sí ni mo ń wá, tí màá ti wẹ̀, tí wọn yóò sì jí mi kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Ibùsọ̀ ńkọ́?

Akọ́mọlédè: Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ẹrù sísọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máìlì ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ibùsọ̀ báyìí. Ibùdó kò ṣeé lò, torí ẹni tó bá dó ti ń fìdí kalẹ̀. Bí oníṣòwò méjì bá pàdé nílùú onílùú, "Níbo lo wọ̀ sí?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Wọ̀ yẹn gan-an ni ti ẹni tí kò ní pẹ́ lọ. Mo fi ilé èrò sílẹ̀. Ibùwọ̀ ni kó jẹ́.

Akunpátákó: Ẹ rí i pé wọ́n fi àmì sí i o. IBUWO lásán, ẹlòmíì lè rò pé ilé tó ń wó ni. Lẹ́tà márùn-ún péré ni, àyè àmì wà níbẹ̀.

Onílé: Ó wù mí. Ṣé kí n kúkú pè é ní Ibùwọ̀ Alájàpá?

Ìyá Alájàpá: Rárá o. Ẹni tó ń ta aṣọ olówó ńlá kò ní gbà pé alájàpá lòun, yóò sì kọjá lọ.

Akọ́mọlédè: Èmi rò pé kó wà níbẹ̀, Ìyá wa. Bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn tó wá jayẹyẹ lópin ọ̀sẹ̀ ni yóò gba gbogbo yàrá, ẹ̀yin ni ẹ ó sì sùn síta.