Kóòtù lórí súẹ́tà lórí ṣẹ́ẹ̀tì: ta ni àwòrán rẹ̀ ti jáde bó ṣe fẹ́?

Aránṣọ Ìtòkú: Ẹ káàárọ̀ o. Oníbàárà mi kan ń lọ sí Kánádà. Kóòtù àdìrẹ ló fẹ́, ó sì ní àfi kí òun rí àwòrán rẹ̀ kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ: kóòtù níta, súẹ́tà pupa lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú pátápátá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bá Stable Diffusion, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ya àwòrán, fà á. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

```
man, white shirt, red sweater, indigo adire coat
```

Nígbà mìíràn ṣẹ́ẹ̀tì á di aláró, nígbà mìíràn kóòtù á di pupa. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ò tíì yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Lísàbí: Gbé nọ́ńbà agbára gbogbo wọn sí 1.5. Ó parí.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: 1.5 kẹ̀! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, aṣọ ń dán bí ike, bọ́tìnnì wọnú ara wọn. Tẹ́ ẹ bá sì gbé gbogbo wọn sókè dọ́gba, èwo lẹ wá gbé lékè?

Àrẹ̀mọ Lafẹ́nwá: Ta ló fẹ́ wọ súẹ́tà nínú ooru Abẹ́òkúta yìí?

Aránṣọ Ìtòkú: Kánádà ni mo wí, àbúrò.

Bàbá Kámẹ́rà Ìbàrà: Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ló sábà máa ń gba ipò jù. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìta wọ inú, nítorí kóòtù ló gba àyè jù nínú àwòrán, òun ni àwọn yòókù máa jókòó sí. Ẹ sì sọ pé kóòtù náà ṣí sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, á pa bọ́tìnnì rẹ̀ dé, ohun gbogbo á bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ní ti agbára, èyí tó hàn kéré jù ni kí ẹ fún ní púpọ̀ jù. Kọ́là nìkan ló máa hàn lára ṣẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má pe ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ẹ pe kọ́là:

```
upper body photo of a man, open indigo adire coat, (red V-neck wool sweater:1.1), (white shirt collar over sweater neckline:1.3)
```

Kóòtù ò nílò nọ́ńbà kankan, iwájú tó wà ti tó o. Ẹ má kọjá 1.4. Ẹ jẹ́ kí àwòrán mọ sí ìbàdí, torí bí ẹ bá ya odindi èèyàn, kọ́là á kéré débi pé kò ní rí ara rẹ̀ yà. Ẹ má sì yí `Seed`, nọ́ńbà tí àwòrán fi ń bẹ̀rẹ̀, padà bí ẹ ṣe ń tún un ṣe, kí ẹ lè mọ ọ̀rọ̀ tó ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ṣe pàtàkì! Súẹ́tà ọlọ́rùn gíga ni mo ń tẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá ń bínú pé kọ́là ò hàn. Ibo ni ì bá gbà yọ?

Ọmọ Lísàbí: Àwọ̀ tó ń ya wọnú ara wọn ńkọ́? Ẹ ò tíì dáhùn ìyẹn.

Bàbá Kámẹ́rà Ìbàrà: Ẹ fi `BREAK` sáàárín aṣọ kan àti èkejì, kí ó lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó ń dín in kù, kì í pa á tán.

Akọ̀wé Pańṣẹ́kẹ́: Lórí ComfyUI tí èmi fi ń lo Stable Diffusion, `BREAK` ò ṣe nǹkan kan. 1.3 yín yẹn gan-an sì ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Bàbá Kámẹ́rà Ìbàrà: Òótọ́ ni, ti AUTOMATIC1111 ni mò ń sọ. ComfyUI kì í dín nọ́ńbà náà kù bí tiwa, 1.15 lè tó yín. Ẹ kọ aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kí ẹ fi `Conditioning (Concat)` so wọ́n pọ̀.

Àrẹ̀mọ Lafẹ́nwá: Èmi gbìyànjú agbádá lórí bùbá. Bùbá ò hàn rárá.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Agbádá bo bùbá náà ni lójúkojú! Ní kó ká apá agbádá sí èjìká.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ gbọ́, ta ló ń fi àdìrẹ rán kóòtù òtútù? Òwú ni. Yìnyín á pa ọmọ ọlọ́mọ.

Aránṣọ Ìtòkú: Mo máa fi aṣọ nínípọn sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe òní la ti ń ránṣọ.

Ọmọ Lísàbí: Kó wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn o, mo ti sọ tèmi.

Aránṣọ Ìtòkú: Mo ti padà dé. Mo tẹ ti Bàbá Kámẹ́rà, mo fi `BREAK` méjì sí i. Kọ́là yọ, funfun báláú! Apá òsì kọ́là ṣì ní àwọ̀ pupa díẹ̀, mo fi `Inpaint` kun ibẹ̀ nìkan, `Denoising strength` 0.5, ó kúrò. Ṣùgbọ́n àdìrẹ tó yà, ẹ̀yin èèyàn mi, àmì roboto lásán ló tò káàkiri, kò jọ aṣọ Ìtòkú kankan.

Bàbá Kámẹ́rà Ìbàrà: Nọ́ńbà ò lè ṣe ìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ògidì aṣọ yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sára kóòtù náà, lẹ́yìn náà kí ẹ tún `Inpaint` ṣe ní 0.3.

Aránṣọ Ìtòkú: Mo ń gbé aṣọ lọ síta báyìí kí oòrùn tó lọ.