Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ ń di itan mú lórí eré 100 mítà

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Íńtá-háòsì ilé ìwé wa ti dé tán, ọ̀gá sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dójú ti ilé ìwé níwájú àwọn òbí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá pápá wa dára. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀, òkúta wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kánópì àti jẹ́sì ni wọ́n ń jà lé lórí ní ìpàdé. Òbí kan tún ń pè mí lóru nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ríléè.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mẹ́ta ti di ẹ̀yìn itan mú nínú ìdánrawò 100 mítà, ọ̀kan mìíràn sì ṣubú bó ṣe ń gbéra. Wọ́n wá ń sọ pé n kì í mú ara wọn gbóná. Irọ́ ni. Mò ń ṣe wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù fún wọn dáadáa, mi ò fo ọjọ́ kan. Kí ni kí n tún fi kún un?

Kóòṣì Òde
Ẹ kú iṣẹ́ mà. "Dáadáa" kò tíì sọ nǹkan fún wa. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ sọ ọjọ́ orí wọn. Ẹ sì sọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó láti ìgbà tí wọ́n bá parí sí ìgbà tí wọ́n á sáré gan-an.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Sítírẹ́ẹ̀ṣì ni kò tó. Kí wọ́n tẹ̀ ba, kí ọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi ka dé ọgọ́ta. Iṣan tó bá ti gùn kì í já. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìperù
Ṣé wọ́n ń fi rọ́ọ̀bù pa ẹsẹ̀ kí wọ́n tó sáré? Ó máa ń gbóná dáadáa. Kí n tó gbàgbé, èmi náà ní ìbéèrè: ọmọ mi obìnrin, ọdún 12, tó ń fò lọ́ńgì jọ́mpù, eegun abẹ́ orókùn rẹ̀ máa ń dùn ún, ó sì ti yọ díẹ̀ síta. Wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù wo ló yẹ ẹ?

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Ẹ ṣeun. Ọmọ JSS ni wọ́n, ọdún 12 sí 14, bí ogójì ni wọ́n. A máa ń sá yí pápá ká lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà a óò ṣe sítírẹ́ẹ̀ṣì, a óò ka dé ọgọ́ta lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí Bọ̀dá ṣe wí. Ẹ má sì bá mi sọ pé ìyípo márùn-ún pọ̀ jù o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè mí kanlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lágbára.

Kóòṣì Òde
Ẹ ṣé tí ẹ là á sílẹ̀. Àárẹ̀ ni ìyípo márùn-ún ń kó bá ọmọ tó fẹ́ sá 100 mítà. Ẹ wá àyè mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ óò fi kọ́ wọn ní agbára. Kí ọmọ tó sáré, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó, wọ́n sì lè máa lé ara wọn kiri bí eré ọmọdé. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó bí òógùn bá ti ń yọ fẹ́ẹ́rẹ́ níwájú orí tí ọmọ náà ṣì lè sọ̀rọ̀ geere. Bí ó bá ń mí gúlegúle, ó ti kọjá.

Ní ti sítírẹ́ẹ̀ṣì, bí iṣan bá wà ní nínà lójú kan fún ìṣẹ́jú kan gbáko, agbára tó fi ń ta ara rẹ̀ máa ń dín fún ìgbà díẹ̀. Agbára yẹn gan-an ni ọmọ nílò láti gbéra tàbí láti fò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa na iṣan nínú ìrìn. Ẹ fi nǹkan sàmì sí mítà 15. Kí wọ́n gbé orókùn sókè lọ, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ lu ìdí bọ̀. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ gígùn kan síwájú kí wọ́n sì rẹlẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n di èjìká ara wọn mú, kí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ kan síwá sẹ́yìn, bíi mẹ́wàá lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má fipá jù ú. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Apá tí ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń fò ló tún kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yìn itan: sísáré tó ń le díẹ̀díẹ̀. Mítà 30 ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kí wọ́n fi ìdajì agbára sá àkọ́kọ́. Kí èkejì le jù ú lọ díẹ̀. Kí ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo agbára. Kí wọ́n gbéra láti ipò ìbẹ̀rẹ̀ eré nínú ẹ̀kẹrin, ìyẹn fún mítà 20 péré. Kí wọ́n rọra rìn padà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èémí wọn wálẹ̀. Bí iṣan ẹ̀yìn itan kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rárá lọ́jọ́ náà, tí fèrè wá dún, tí ọmọ fi gbogbo agbára ju ẹsẹ̀ síwájú, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń ya.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Kóòṣì, ẹ ò lè sọ pé sítírẹ́ẹ̀ṣì burú. Àwọn eléré ńlá ń ṣe é lójú wa.

Kóòṣì Òde
Ẹ̀gbọ́n, n kò sọ pé ó burú. Bí ọmọ bá nà án fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí 20, tó sì tún ṣe eré mítà 30 yẹn lẹ́yìn rẹ̀, kò ní dín nǹkan kan tó ṣe é rí kù. Kíka ọgọ́ta tí wọ́n sì bọ́ sójú ìlà ni mò ń sọ.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Tó bá dín agbára kù tí kò jẹ́ kí ọmọ farapa ńkọ́? Èmi á yan èyí.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi díẹ̀. Ìyá Ìbejì, awọ ni rọ́ọ̀bù ń mú gbóná, kì í dé inú iṣan. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ á rò pé ara òun ti ṣetán. Ní ti orókùn ọmọ yín, ibi tí iṣan iwájú itan ti so mọ́ eegun ẹsẹ̀ ló ń yọ yẹn. Ó wọ́pọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń ga kíákíá. Wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù kọ́ ni yóò wò ó. Ẹ dín fífò rẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, pàápàá bó bá ń dùn ún nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí lóru.

Tíṣà, Kóòṣì bi yín ní ìbéèrè kan tí ẹ kò dáhùn. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó sáré?

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí, mà. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣe wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a óò pe wọ́n ní háòsì-háòsì. Àwọn tó máa ń kẹ́yìn lè dúró bí ogójì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n abẹ́ ibòòji ni wọ́n wà, wọ́n sì ń sinmi.

Kóòṣì Òde
Ọ̀rọ̀ dé mà! Háòsì wo làwọn mẹ́ta tó di itan mú?

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Méjì nínú wọn jẹ́ ti Yẹ́lò, ọ̀kan jẹ́ ti Gíríìnì. Yẹ́lò ló máa ń kẹ́yìn, Gíríìnì ló ṣáájú rẹ̀.

Kóòṣì Òde
Ẹ wò ó, àwọn tó jókòó pẹ́ jù ni. Ooru tí iṣan kó jọ kì í pẹ́ lọ. Bí ọmọ bá jókòó tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ, ogójì wá ńkọ́? Ẹ má ṣe wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù fún gbogbo ogójì ọmọ pa pọ̀ mọ́. Bí háòsì kan bá ń sáré, kí èyí tó kàn máa ṣe tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ọmọ SS kan tí ẹ ti kọ́ máa darí wọn. Kí ó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ láàárín ìgbà tí wọ́n parí sí ìgbà tí wọ́n sáré. Bí ìkéde tàbí àdúrà bá fà á gùn, ẹ gbé wọn dìde, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì gbé orókùn sókè, kí wọ́n sì tún sá mítà 30 lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣe èyí níbi tí ibòòji bá wà, kí omi sì wà nítòsí.

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣubú kò dúró pẹ́, òun ló kọ́kọ́ sáré. Ó kàn ṣe agídí ni. Ó ní nǹkan dún "pó" níwájú ìbàdí òun, ó sì di ibẹ̀ mú. Títí di òní kò lè gbé itan sókè wọ ṣòkòtò. Ìyá rẹ̀ ń fi òrí gbígbóná fà á fún un.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Ẹ dá fífà yẹn dúró lónìí! Ọmọ ọdún mélòó ni?

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Mẹ́rìnlá. Ó ga lójijì lọ́dún yìí.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Lọ́jọ́ orí yìí, ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun ìbàdí kò tíì le tán. Iṣan lágbára jù ú lọ. Bí ọmọ bá gbéra pẹ̀lú ipá, iṣan lè fa ègé eegun yọ níbẹ̀ dípò kí òun fúnra rẹ̀ já. Ìró "pó", kí ojú kan pàtó máa dùn ún, kí ó má lè gbé itan, àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí. N kò lè fi ojú inú wò ó láti ibí, èkísírè ló máa sọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó ní èkísírè, ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Kó má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e. Bó bá jẹ́ òun náà ni, ìsinmi àti igi ìrìn ló sábà máa ń wò ó, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ègé náà bá ti sún jìnnà, iṣẹ́ abẹ lè wà níbẹ̀. Fífà lè mú un sún sí i.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́
Oníṣègùn eegun wà ní ìlú wa, ọwọ́ rẹ̀ dára.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí èkísírè ṣáájú.

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Mo ti pe bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn á lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mi ò mọ̀ pé ó lè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fò ńkọ́, ṣé kí n ṣe ohun kan náà fún wọn?

Kóòṣì Òde
Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n sáré wọ iyanrìn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lójú kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n balẹ̀ láìpariwo, kí orókùn tẹ̀, kó má sì wọnú kan ara wọn. Ọmọ tó bá ń dún "gbì" nígbà tó bá balẹ̀, tí orókùn rẹ̀ ń pàdé, kó má tíì fò jìnnà lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta fò, lẹ́yìn náà márùn-ún, kí wọ́n tó lo gbogbo ìsáré wọn. Ẹ fi ṣọ́bìrì tú iyanrìn náà ní òwúrọ̀, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tó di itan mú, ẹ má fi wọ́n sínú ríléè o. Kí wọ́n kọ́kọ́ lè sá mítà 30 ní gbogbo agbára láìní ìrora kankan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Tíṣà Eré Rẹ́mọ
Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ òbí tó ń pè mí lóru yẹn. Màá sọ fún un. Ọ̀gá ni n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí ìkéde gígùn tó máa ń ṣe.

Ìyá Ìbejì Ìperù
Ẹ ní kó ṣe ìkéde kí háòsì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ̀mọ́ọ̀pù, mà. Ìyẹn kò ní gba ìkéde náà lọ́wọ́ rẹ̀.