"Àìjò" tàbí "ìdípinpin": ọ̀rọ̀ wo ló yẹ ilé alámúlétutù?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Èkó. Kí ni kí n pe ipò yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè gba àlàfo kankan wọlé? Ṣé "ìdípinpin" dára?

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn: Ìgò ni à ń dí pinpin, kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn sí. "Àìjò" ni mo fara mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé omi nìkan ló ń jò, kí ó rántí pé táyà náà ń jò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìdípinpin" kò léwu. Ó yẹ kí a dí àlàfo kí òtútù má bàa sá lọ, amúlétutù á sì máa fa afẹ́fẹ́ tuntun láti ìta. Ṣebí ìdí nìyẹn tí apá rẹ̀ kan fi wà lẹ́yìn ògiri.

Atúnamúlétutù-ṣe: Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí ń gba ojú lúfà wọlé ní Èkó kún fún ọ̀rinrin, agbára púpọ̀ sì ni ẹ̀rọ ń ná láti sọ ọ̀rinrin náà di omi tí ń kán lẹ́nu ọ̀pá. Ṣùgbọ́n gáàsì ló wà nínú ọ̀pá tó so apá méjèèjì pọ̀. Apá ìta kàn ń da ooru nù ni, afẹ́fẹ́ yàrá kan náà sì ni ti inú ń yí. Ẹ wo yàrá mítà 3 sí 4, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.7. Ẹni tó ń sùn ń mí nǹkan bíi lítà 12 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì síta ní wákàtí kan. Bí ẹni méjì bá sùn fún wákàtí 6 láìsí àlàfo rárá, ó lé ní lítà 4 nínú lítà 1,000 afẹ́fẹ́ yàrá náà, nígbà tí ti ìta kò tó ìdajì lítà. Orí wúwúwo ni wọn yóò fi jí. Òótọ́ ni pé abẹ́ ilẹ̀kùn máa ń jò díẹ̀, nítorí náà kì í sábà burú tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá oníléègbé kan: Ẹ pè é ní "ìdènà èéfín". Nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mo ṣe fi fóòmù dí fèrèsé wa, síbẹ̀ orí ń fọ́ àwọn ọmọ.

Atúnamúlétutù-ṣe: Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà. Májèlé inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè gba ojú àjà wọlé. Bó bá ti wọlé, fóòmù yín ni kò ní jẹ́ kó jáde.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn: Ohun tó mú mi kọ "ìdípinpin" gan-an nìyẹn. Jíjò ni èyí tí a kò fẹ́. Ihò tí a dìídì dá, tí a fi fáànù kékeré sí, kì í ṣe jíjò. Ògiri lè wà ní àìjò kí yàrá sì ní "ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́". Ẹ má lo "ìgbafẹ́", fàájì ti gbà á.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, mo gba "àìjò". Ṣùgbọ́n "ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́" gùn jù fún àwòrán ilé tí mo ní. Ta ló ní èyí tó kúrú?