Ta ni kí n kọ ímeèlì ìránnilétí sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kẹjọ rèé tí mo ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ akáǹtì. Ọ̀gá tó bi mí ní ìbéèrè ní èsì yóò dé láàárín ọjọ́ márùn-ún, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti fi ímeèlì ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì, mo sì ti wo ibi tí ímeèlì jáǹkì máa ń bọ́ sí.

Mo ti kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀: orúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí a pàdé, lẹ́yìn náà ìgbà tí wọ́n máa pinnu. Mo yọ “mo nílò iṣẹ́ yìí gan-an” kúrò, ó jọ ẹ̀bẹ̀ jù.

Ṣé ọ̀gá yẹn ni kí n fi ránṣẹ́ sí, àbí òṣìṣẹ́ tó pè mí wá?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.